Kí A Tó Gbà Pé Iná Ti Lọ: Àpótí Tó Ń Tan Jẹnẹrétọ̀ Ilé Wa Fúnra Rẹ̀

Iná mẹ́ta ló ń wọ ilé wa ní Jos. Àkọ́kọ́ ni iná ìjọba, òun la sì máa ń lò nígbàkúùgbà tó bá wà. Èkejì ni jẹnẹrétọ̀ oníkọ́kọ́rọ́ kan tó ń mu pẹtiróòlù, tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀kẹta ni ínfátà kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá, tí kò gbé nǹkan mìíràn ju ẹ̀rọ ọ́síjìn wọn lọ. Dókítà ní kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ náà ní gbogbo òru. Ó ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 350, bátìrì ínfátà náà sì ti dàgbà. A fi aago wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ogún ìṣẹ́jú ló ń gbé ẹ̀rọ náà kó tó rẹ̀ ẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú tó lọ́sàn-án. Lóru, kò tó. Bí iná bá lọ ní aago méjì òru, ínfátà á gba iṣẹ́ láìpariwo, kò sẹ́ni tó máa jí. Ìgbà tí bátìrì bá tán tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ni ẹnì kan á tó ta gìrì, á wá tọ́ọ̀ṣì, á wá kọ́kọ́rọ́, á jáde sínú òtútù ọyẹ́, á fa ṣóòkù, á tan jẹnẹrétọ̀, á tún padà wọlé wá yí ṣénjófà. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ̀rọ Màmá ti kú. Ìdí nìyí tí a fi pinnu pé a ó ṣe àpótí kan tí yóò máa ṣọ́ iná, tí yóò máa tan jẹnẹrétọ̀, tí yóò sì máa yí ṣénjófà láìjí ẹnikẹ́ni.

Àwa méjì la ṣe é. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ oníṣẹ́ iná, ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà, òun ló sì fọwọ́ kan gbogbo wáyà ńlá. Ẹnì kejì ń ṣe ìwé gíga nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, àtúnṣe ìwé àwọn ẹlòmíràn ló sì fi ń jẹun. Òun ló kọ ìlànà tí àpótí náà ń tẹ̀ lé. Ẹ má rẹ́rìn-ín: ó jọ iṣẹ́ olóòtú ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Létí, iṣẹ́ náà dún bí ohun tó rọrùn. Bí iná bá lọ, tan jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá dé, pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ohun tí "iná lọ" túmọ̀ sí, àwa gan-an kò sì tíì sọ ọ́ fún ara wa rí. Ní àdúgbò wa, iná kì í sábà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó lọ. Ó lè dé fún ìṣẹ́jú kan kó tún padà. Ó sì lè wà níbẹ̀ tí kò ní lágbára, tí gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná, tí fíríìjì á máa kùn láìlè bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè wa, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló ya "iná ń lọ" sọ́tọ̀ kúrò lára "iná ti lọ". Gbogbo iṣẹ́ àpótí náà kò ju kí ó mọ ìgbà tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ "ti" lọ.

Bí àpótí náà ṣe ń rí iná ni ká kọ́kọ́ sọ. Inú rẹ̀ ni pátákó Àdúínò kékeré kan wà, tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Ẹ̀yà kan tí wọ́n kọ ZMPT101B sí lára ń bá a wọn iná ìjọba, ó ń sọ fóòtì 230 di ìwọ̀n kékeré tí pátákó náà lè gbà láìjóná. Irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ mìíràn ń wọn ti jẹnẹrétọ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ yọjú níbẹ̀. Iná tó ń wọlé wa kì í dúró sójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí padà nígbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, kò sí iná rárá lórí wáyà. Bí àpótí bá yọjú wò ó ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, á ní iná ti lọ. Nítorí náà, àpótí wa kì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ṣèdájọ́. Ó ń wọn ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, èyí tó gba ìyípo márùn-ún gbáko, ó ń ṣírò agbára wọn pọ̀, lẹ́yìn náà ló tó sọ iye fóòtì kan.

Lẹ́yìn èyí la wá yan ààlà. A ní bí iná bá rẹlẹ̀ ju fóòtì 180 lọ, ó ti burú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ààlà kan ṣoṣo sílẹ̀, iná tó ń rìn láàárín 179 àti 181 á mú kí àpótí máa yí èrò padà ní gbogbo ìgbà. A ní kí ó jẹ́ pé iná tó ti burú kò ní dára padà àfi tó bá kọjá 195. Láàárín ààlà méjèèjì, èrò tí àpótí ní tẹ́lẹ̀ ló máa dì mú. Ààlà òkè náà wà, ní 255, nítorí iná tó pọ̀ jù ń ba nǹkan jẹ́ ju iná tó kéré lọ, ṣùgbọ́n bákan náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni iye àkókò tí a fẹ́ dúró kí a tó gbàgbọ́. Aládùúgbò wa kan ti ra àpótí irú èyí tẹ́lẹ̀, ẹni tó mọ iná nínú wa sì ti bá wọn tú u wò. Ìlànà inú rẹ̀ dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu: bí iná bá ti lọ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, tan jẹnẹrétọ̀; bí iná bá dé kí márùn-ún tó pé, pa kíkà náà rẹ́, bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá ń ṣẹ́jú, tó ń lọ fún mẹ́ta, tó ń wà fún méjì, tó tún ń lọ fún mẹ́ta. Kíkà náà á dé mẹ́ta, á padà sí òdo, á dé mẹ́ta, á padà sí òdo. Bí iná bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀, jẹnẹrétọ̀ kò ní tàn láé. Aládùúgbò wa rò pé kọ́kọ́rọ́ ló bàjẹ́, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí a ṣe ni pé a kò jẹ́ kí kíkà náà já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá burú, ó gòkè ní ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá dára, ó sọ̀ kalẹ̀ bákan náà. Ẹ jẹ́ ká tún iná tó ń ṣẹ́jú yẹn kà. Ó lọ fún mẹ́ta: a wà ní mẹ́ta. Ó dé fún méjì: a sọ̀ sí ọ̀kan. Ó lọ fún mẹ́ta: a dé mẹ́rin. Ó dé fún méjì: a sọ̀ sí méjì. Ó lọ fún mẹ́ta: a dé márùn-ún, ó parí. Ìṣẹ́jú-àáyá 13 ni gbogbo rẹ̀ gbà. Iná tó lọ lẹ́ẹ̀kan láìpadà gba márùn-ún péré. Iná tó kàn ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kò sì ní jí jẹnẹrétọ̀ rárá.

Nígbà tí iná bá ń bọ̀, a yí ọwọ́ padà. Níbẹ̀, a fẹ́ kí kíkà já sí òdo. Iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń gbọ́kàn lé, nítorí gbogbo àdúgbò ló tan fíríìjì, àyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ omi wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè wó padà nítorí èyí. A ní ó gbọ́dọ̀ dára fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láìsí àbùkù. Bí ó bá rẹlẹ̀ fún ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá péré, ìṣẹ́jú mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí sùúrù yìí ń bà jẹ́ àfi epo díẹ̀. Ilé ti ní iná lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdúró méjèèjì kò fi jọra: nígbà tí iná ń lọ, ìdúró ń jẹ nínú bátìrì Màmá, nígbà tí iná ń bọ̀, inú táńkì ló ti ń jẹ. Ẹni tó bá fi iye kan náà sí méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn ló máa jìyà.

Apá ìlànà tó ń ṣe ìdájọ́ yìí kò gùn. Ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan:

```
if (V < 180 || V > 255) buru = true;
else if (V > 195 && V < 250) buru = false;

if (buru) {
  if (lo < 50) lo++;
  de = 0;
} else {
  if (lo > 0) lo--;
  if (de < 1800) de++;
}
```

Bí `lo` bá pé 50, iná ti lọ. Bí `de` bá pé 1800, iná ti dé. Òté tí a fi sí iye méjèèjì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Lórí pátákó kékeré yìí, nọ́ńbà lásán kò lè kọjá 32767. Bí a bá jẹ́ kí `de` máa gòkè lọ láìdúró, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 55 ó máa ṣubú sí ìsàlẹ̀ òdo, àpótí á sì rò pé iná tó ti wà láti àárọ̀ kò tíì dé.

Nígbà tí àpótí bá ti gbà pé iná ti lọ, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni pé ó já ilé wa kúrò lára wáyà ìjọba. Kò tíì tan nǹkan kan nígbà yẹn. Kọ́ńtákítọ̀ méjì ló wà nínú àpótí: ẹ pè wọ́n ní ìlẹ̀kùn méjì tí iná ńlá ń gbà kọjá, tí iná kékeré sì ń ṣí. Ọ̀kan jẹ́ ti ìjọba, èkejì ti jẹnẹrétọ̀. Irin kan wà láàárín wọn tí kì í jẹ́ kí méjèèjì ṣí pa pọ̀, wáyà ìṣàkóso wọn sì tún gba ara wọn kọjá, débi pé ọ̀kan kò lè gba iná bí èkejì bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. A kò fi èyí lé ìlànà orí pátákó lọ́wọ́. Ìlànà lè ṣìnà, irin kì í gbàgbé. Bí iná jẹnẹrétọ̀ bá ráyè bọ́ sórí wáyà ìjọba, tiransífọ́mà àdúgbò tó ń sọ fóòtì 11,000 di kékeré fún wa á ṣe iṣẹ́ náà sẹ́yìn, á sọ fóòtì kékeré di 11,000. Òṣìṣẹ́ tó gun òpó nítorí pé wọ́n ti sọ fún un pé iná ti kú ni yóò gbà á. Ọmọ ẹnìkan ni òun náà.

Títan jẹnẹrétọ̀ kò ju kí a ṣe ohun tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣe lọ. Wáyà kan wà lára irú ẹ̀rọ wọ̀nyí tó jẹ́ pé bí ó bá kan ara irin, ẹ́ńjìnnì á kú. Kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ipò ìpa ń fi wáyà náà kan irin. Ipò iṣẹ́ ń yọ ọ́. Ipò kẹta ń fún sítátà ní iná. A fi ríléè méjì rọ́pò ipò méjì yẹn. A to ríléè àkọ́kọ́ débi pé bí àpótí fúnra rẹ̀ bá kú, wáyà náà á padà kan irin, jẹnẹrétọ̀ á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. A kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ tí kò ní olùṣọ́.

Àpótí á yọ wáyà ìpa, á dúró ìṣẹ́jú-àáyá kan, á sì yí sítátà fún márùn-ún, kò ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá rí i pé jẹnẹrétọ̀ ti ń mú iná tó ju fóòtì 150 jáde fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, á fi sítátà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí sítátà tí ẹ́ńjìnnì tó ti jí bá ń fà lọ máa fọ́. Bí kò bá tàn, á sinmi fún mẹ́wàá kí bátìrì lè mí, á tún gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni, lẹ́yìn náà á ké.

Jos ló kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ṣóòkù. Ìlú wa ga tó nǹkan bíi mítà 1,200 sókè òkun, afẹ́fẹ́ rẹ̀ fúyẹ́, òru ọyẹ́ sì tutù gan-an fún ẹ́ńjìnnì kékeré. Ẹ́ńjìnnì tó tutù fẹ́ kí a dí afẹ́fẹ́ kù fún un. Èyí tó ṣì gbóná, bí a bá dí i kù, epo á bò ó mọ́lẹ̀. A so mọ́tò kékeré kan mọ́ ọwọ́ ṣóòkù. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ti sinmi ju wákàtí kan lọ, àpótí á fa ṣóòkù ní ìgbà àkọ́kọ́ àti ìkejì, á sì ṣí i sílẹ̀ ní ìgbà kẹta bóyá epo ló ti pọ̀ jù. Gíga ìlú yìí kan náà ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ má ṣe ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ yín bí ẹ bá ń gbé níbi gíga bíi tiwa.

Jẹnẹrétọ̀ tó tàn kò tíì yẹ láti gbẹ́rù. Àpótí á jẹ́ kí ó sáré lófìfo fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 kó tó ṣí kọ́ńtákítọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń padà sórí iná ìjọba, á já jẹnẹrétọ̀ kúrò, á dúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì nínú òkùnkùn kí àwọn mọ́tò inú ilé lè rọ̀, á sì ṣí ti ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ á tún sáré ìṣẹ́jú méjì láìgbẹ́rù kí ara rẹ̀ lè tutù. Ìṣẹ́jú méjì yìí ní àǹfààní mìíràn: bí iná bá tún lọ láàárín rẹ̀, kò sí pé a ń yí sítátà, ẹ́ńjìnnì ti wà lójúfò.

Fíríìjì nìkan ni àwọn ìdúró kékeré yìí kò tó fún. Bí iná bá já fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó sì padà, gáàsì inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ agbára, mọ́tò á gbìyànjú, kò ní lè yí, á máa gbóná. A jẹ́ kí ó ní aṣọ́nà tirẹ̀ lára ògiri, irú èyí tí ẹ mọ̀ lọ́jà, tó ń dá a dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbàkúùgbà tí iná bá já.

Kí a tó so àpótí mọ́ jẹnẹrétọ̀, gílóòbù la kọ́kọ́ so mọ́ ọn: ọ̀kan dípò sítátà, ọ̀kan dípò wáyà ìpa, ọ̀kan fún kọ́ńtákítọ̀ kọ̀ọ̀kan. A fi súìṣì kan sórí wáyà tó ń sọ fún àpótí pé iná wà, a sì pe ọmọ ilé wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kó wá máa pa á, kó máa tàn án bó ṣe wù ú, kó rí i bóyá ó lè tan àpótí náà jẹ. Ó ṣiṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Ó pa á, ó tàn án, ó sáré, ó dẹwọ́, ó dúró títí ó fi ku díẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé kó tó tún pa á. "Kò gbà fún mi!" ló ń sọ. Màmá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń bá a kà. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbọ́ kó o tó pa á." A gba ìmọ̀ràn náà sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣubú: ní ẹ̀gbẹ́ ààlà, kì í ṣe ní àárín.

Súìṣì tí ọmọ náà ń tẹ̀ ní ìṣòro kan náà ní kékeré. Irin méjì tó bá kanra kì í kan ara lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń ta padà bí bọ́ọ̀lù fún àkókò tó kéré gan-an, àpótí á sì rò pé ènìyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Fún bọ́tìnì ara àpótí, a ní kí ó wà ní ipò kan fún ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú-àáyá kí a tó gbà pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́.

Ohun kan tí ó máa ń pa irú àpótí yìí, tí gílóòbù kò lè fi hàn, ni bátìrì. Bí sítátà bá ń yí, ó ń fa iná púpọ̀ débi pé bátìrì jẹnẹrétọ̀ á wólẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí àpótí náà bá ń mu nínú bátìrì yẹn, á kú ní àárín yíyí, á jí, á gbàgbé pé òun ti gbìyànjú, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́, títí bátìrì á fi tán pátápátá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá gbọ́ tí sítátà ń ta kú-kú-kú láìyí. Àpótí wa ní bátìrì kékeré tirẹ̀, fóòtì 12, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú aláàmù ilé.

A ń jẹ́ kí àpótí kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ wo òru kan nínú ọyẹ́ tó kọjá. Aago 2:10:00 ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mẹ́ta sí méjì, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ tí a kà lókè. Ní 2:10:13 àpótí gbà pé ó ti lọ, ó já wa kúrò lára ìjọba. Ní 2:10:14 ó yí sítátà fún márùn-ún, ẹ́ńjìnnì tutù, kò tàn. Ó sinmi. Ní 2:10:29 ó tún yí i, ó tàn ní 2:10:31. Lẹ́yìn ìmúgbóná 20, ní 2:10:51, ilé ní iná. Ínfátà Màmá kò tíì lo ìṣẹ́jú kan nínú ogún tó ní. Ní 4:02:00 iná ìjọba dé. Ó dára títí di 4:04:30, ó wá rẹlẹ̀ sí 160 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, kíkà sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ní 4:07:31 ìṣẹ́jú mẹ́ta pé láìsí àbùkù, a padà sórí ìjọba ní 4:07:33. Jẹnẹrétọ̀ kú ní 4:09:31. Kò sẹ́ni tó jí. Àárọ̀ la tó rí i kà.

Àìjí yẹn gan-an ló ní ewu tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé sùn ń tú kábọ́ọ̀nù mónọ́ksáìdì jáde, gáàsì tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ẹni tó fọwọ́ tan jẹnẹrétọ̀ á kọ́kọ́ wo ibi tó wà. Àpótí kì í wo nǹkan kan. A gbé tiwa jìnnà sí fèrèsé gbogbo ju ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ, ẹnu èéfín rẹ̀ kọjú sí ìta, kò sí nínú yàrá tàbí lábẹ́ fàráńdà. Aláàmù gáàsì yìí wà ní yàrá Màmá àti ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bọ́tìnì pupa kan sì wà nínú ilé tó ń fi wáyà ìpa kan irin tààrà láìgba inú pátákó kọjá.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tí àpótí kò lè rí. Kò mọ̀ bóyá epo wà nínú táńkì tàbí omi ti wọ kabúrétọ̀. Ohun tó lè ṣe ni kó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ títí dé ìgbà tí ìgbìyànjú kẹta bá kùnà, kò pé ìṣẹ́jú kan kó tó ké, kódà bí iná bá kọ́kọ́ ṣẹ́jú bíi ti àpẹẹrẹ òkè. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gbọ́ igbe náà ṣì ní ìṣẹ́jú 19 lórí ínfátà. A gbé igbe náà sí yàrá tiwa, kì í ṣe ti Màmá; wọn kò nílò láti jí fún nǹkan tí wọn kò lè tún ṣe.

Ṣénjófà ọlọ́wọ́ àtijọ́ ṣì wà lára ògiri. A kò yọ ọ́. A so ó débi pé ó lè fo àpótí náà kọjá pátápátá, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé lè fi ọwọ́ yan ìjọba tàbí jẹnẹrétọ̀ bí pátákó bá kú. Gbogbo ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ẹnì kan á pa iná ìjọba láti orí mítà, a ó jókòó, a ó fi aago ọwọ́ ka ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà la ó wo bí sílíńdà ọ́síjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Màmá ṣe kún tó. Kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí i wà lórí ìṣó, lábẹ́ ṣénjófà ọlọ́wọ́, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà lè na ọwọ́ dé.